Àyè mẹ́ta lára ẹ̀sùn oníbàárà, àti ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀sùn mẹ́rìndínlógójì ni ó ti ń dúró dè wá lórí kọ̀ǹpútà kí a tó ṣí ọ́fíìsì wa ní Alágbàka, ní Àkúrẹ́. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú wọn ni kọ̀ǹpútà ti kọ P1 sí lára, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí a fi iṣẹ́ gbogbo sílẹ̀ kí a kọ́kọ́ yanjú wọn. Nígbà tí a ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò ní pàjáwìrì kankan nínú. Ẹnìkan ń béèrè ibi tí òun ti lè ra ìwé rísíìtì. Ẹlòmíràn fẹ́ yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà. Ohun tí ó fà á ni pé ẹni tí ó kọ òfin fún kọ̀ǹpútà náà ti sọ fún un pé ẹ̀sùnkẹ́sùn tí ó bá ní “ku” nínú jẹ́ ti ẹ̀rọ tí ó ti kú, kí ó sì fún un ní P1 lójú ẹsẹ̀. Kò rántí pé àwọn oníbàárà wa kì í kọ̀wé láìkí ènìyàn. “E ku aaro o, e ku ise” ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ka ìkíni wọn sí ikú ẹ̀rọ.

Ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà máa ń fi ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ẹ̀rọ ìsanwó tí àwọn ọlọ́ṣọ́ọ̀bù fi ń gba káàdì, sí ọwọ́ àwọn oníṣòwò láti Àkúrẹ́ títí dé ìlú Oǹdó. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ tàbí sí owó, oníṣòwò náà yóò kọ̀wé sí wa lórí Wọ́sáàpù tàbí ímeèlì, kọ̀ǹpútà yóò sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ìwé ẹ̀sùn kan tí ó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ìwé ẹ̀sùn yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní tíkẹ́ẹ̀tì. Lára tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ni àyè mẹ́ta wà tí a gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ wọn ni `priority`, `category` àti `escalation`. Nínú àlàyé yìí, èmi yóò máa pe èkíní ní ipò ìkánjú, èkejì ní ẹ̀ka, ẹ̀kẹta ní àmì ìgbésókè.

Àṣìṣe tí mo rí jù lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni pé wọ́n gbà pé ohun kan náà ni àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ. Lójú wọn, bí ọ̀rọ̀ bá ti le, a ó fún un ní P1, a ó gbé e sókè, a ó sì fi í sí ẹ̀ka tí orúkọ rẹ̀ bani lẹ́rù jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ipò ìkánjú ń béèrè pé, nínú gbogbo ohun tí ó wà níwájú wa, èwo ni kí a kọ́kọ́ mú? Ẹ̀ka ń béèrè pé, ta ni ó ní irinṣẹ́ tí a ó fi tún èyí ṣe? Àmì ìgbésókè ń béèrè pé, yàtọ̀ sí ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ǹjẹ́ ẹnìkan wà tí ó gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ nísinsìnyí? Ẹ̀rí tí a fi ń dáhùn ọ̀kan yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń dáhùn èkejì, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀sùn kan wà ní ìsàlẹ̀ nínú ipò ìkánjú síbẹ̀ kí ó gba àmì ìgbésókè. A ó rí irú rẹ̀ kan láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ipò ìkánjú, nítorí òun ni a máa ń ṣì jù. Nínú ìlànà ITIL, tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sílẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1980 tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì ń tẹ̀lé títí di òní, ohun méjì ni a ń wọ̀n pọ̀ kí a tó mọ ipò tí ẹ̀sùn yóò wà. Èkíní ni bí ìpalára náà ti gbòòrò tó: ènìyàn mélòó ni ó kàn, ǹjẹ́ iṣẹ́ wọn dúró pátápátá ni tàbí ó kàn ń falẹ̀? Èkejì ni ohun tí ìdádúró yóò fà: bí a bá fi í sílẹ̀ di ọ̀sán, ǹjẹ́ ìpalára náà yóò máa pọ̀ sí i, àbí bí ó ti wà ní òwúrọ̀ náà ni yóò ṣe wà? Bí méjèèjì bá ga, P1 ni. Bí ọ̀kan bá ga tí èkejì kò sì ga, P2 ni. Bí méjèèjì bá wà ní ìwọ̀nba, P3 ni, bí méjèèjì bá sì kéré, P4 ni. Àkókò tí a ṣèlérí fún oníbàárà so mọ́ ipò yìí. Ní ọ́fíìsì wa, ìṣẹ́jú 15 ni a ní láti fi fèsì sí P1, wákàtí kan fún P2, wákàtí mẹ́rin fún P3, a sì gbọ́dọ̀ fèsì sí P4 kí ọjọ́ iṣẹ́ kejì tó parí. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan iye tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n méjì yẹn ni ó wà nídìí gbogbo rẹ̀.

Ẹ kíyèsí ohun tí kò sí nínú ìwọ̀n méjèèjì. Ohùn tí oníbàárà fi kọ̀wé kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí ó sì fi àmì ìyanu mẹ́wàá tì í lẹ́yìn, kò fi ẹ̀rí kankan hàn nípa iye ènìyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn tàbí nípa ohun tí ìdádúró yóò fà. Bí ọ̀rọ̀ náà ti dùn ún tó nìkan ni ó fi hàn. Òdìkejì rẹ̀ sì léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàlagbà tí a kọ́ dáadáa nílé kì í sáré sọ ìṣòro rẹ̀. Yóò kí wa, yóò béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé wa, yóò dúpẹ́ oore ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìlà tí ó kẹ́yìn ni yóò sì ti sọ pé owó ti sọnù. Bí òfin bá ń ka ìlà àkọ́kọ́ nìkan, tàbí tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ ìbínú, ẹni yìí ni yóò wà nísàlẹ̀ ìlà, ẹni tí ó pariwo yóò sì wà lókè. Kì í ṣe pé ìbínú oníbàárà kò já mọ́ nǹkan kan. Ó ní àyè tí ó yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àyè yìí.

Ẹ̀ka kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Mẹ́fà ni a ní: owó, ẹ̀rọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àkáǹtì, ààbò àti ìbéèrè. Ohun kan ṣoṣo tí ó máa ń kó àwọn ènìyàn lójú pọ̀ ni pé wọ́n ń fi ohun tí oníbàárà rí dárúkọ ẹ̀ka, dípò kí wọ́n fi ọwọ́ tí yóò tún un ṣe dárúkọ rẹ̀. Oníṣòwò a kọ̀wé pé “owo ko wole”. Gbólóhùn yìí lè jẹ́ ti owó, ó sì lè jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìbéèrè tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bóyá báńkì ti yọ owó lára àkáǹtì ẹni tí ó fẹ́ san. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, ẹ̀ka owó ni, níbi tí àwọn tí ń bá báńkì sọ̀rọ̀ wà. Bí wọn kò bá yọ ọ́ rárá, ẹ̀rọ náà kò bá báńkì pàdé nìyẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń mójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí ó lọ. Ẹ̀sùn tí ó bá lọ sí ẹ̀ka tí kì í ṣe tirẹ̀ kì í fara hàn bí àṣìṣe. Ṣe ni yóò jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta títí ẹnìkan yóò fi ṣí i tí yóò sì tì í sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Àmì ìgbésókè ni ó gba àlàyé jù lọ. Ìdáhùn méjì péré ni ó ní, `true` tàbí `false`, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kì í mú kí iṣẹ́ yá. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń mú etí kún etí: ó ń mú kí ẹnìkan tí ó ní ìmọ̀ ju ẹni tí ó wà nídìí iṣẹ́ lọ, tàbí tí ó ní àṣẹ jù ú lọ, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wà. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí òfin rẹ̀ máa wá ni àmì pé ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà lójoojúmọ́ kò ní tó. Ní ọ̀dọ̀ wa, ohun márùn-ún ni ó ń tan àmì náà. Ọ̀kan ni kí ó jọ pé ẹnìkan ti jalè tàbí pé nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ oníbàárà ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Òmíràn ni kí oníbàárà kan náà kọ̀wé ní ẹ̀ẹ̀kẹta lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Òmíràn ni kí ó dárúkọ agbẹjọ́rò tàbí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, a sì rí i pé ibí yìí ni ìbínú oníbàárà ti rí àyè rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ti ń ronú láti fẹjọ́ sùn níbòmíràn nílò ọ̀gá tí yóò bá a sọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Òmíràn ni kí ìṣòro kan náà kan ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò kan náà. Èyí tí ó kẹ́yìn ni kí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àkókò tí a ṣèlérí ti lọ láìsí ìyanjú.

Àkókò tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ìlérí tiwa nìkan. Ní ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé bí iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́ẹ̀sì bá kùnà lẹ́yìn tí a ti yọ owó lára oníbàárà, owó náà gbọ́dọ̀ padà láàárín wákàtí 72. Aago yìí ń lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ nígbà tí ọ́fíìsì wà ní títì. Èyí ni a fi ń ka wákàtí lára ẹ̀ka owó láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti kùnà, tí a kì í kà á láti ìgbà tí òṣìṣẹ́ ṣí ẹ̀sùn.

Ẹ jẹ́ kí n mú òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan wá, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, lẹ́yìn tí a ti tún àwọn òfin náà kọ.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ wá láti Ọjà Ọba: “PAJAWIRI!!! E DA MI LOHUN KIAKIA, IWE RISIITI MI TI TAN LATI ANA!!!” Ẹni kan ṣoṣo ni ó kàn. Ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń gba káàdì, ẹni tí ó sanwó sì ń gba iṣẹ́ ìjẹ́rìí lórí fóònù láti ọ̀dọ̀ báńkì rẹ̀. Bí a kò bá fi ìwé náà ránṣẹ́ títí di ọ̀la, ohun tí ó bàjẹ́ kò ní ju ti òní lọ. P4 ni, ẹ̀ka ẹ̀rọ, `false`.

Ẹ̀sùn kejì wá láti Ìjàpò, ìlà mẹ́sàn-án gbáko. Màmá náà kí wa, ó gbàdúrà fún wa, ó ní iṣẹ́ tí a ṣe fún òun lọ́sẹ̀ tó kọjá dára púpọ̀. Ìlà méjì tí ó kẹ́yìn ni èyí: “Mo ri i laaro yii pe owo jade leemeji ninu akanti mi ni oru, n ko si mo eni ti won fi ran si. Ti e ba raaye, e jowo e ba mi wo o.” Bí a bá fi ìwọ̀n méjì yẹn wò ó gan-an, ẹni kan ni ó kàn, ìpalára rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú nítorí pé ẹni tí ó mú owó lẹ́ẹ̀mejì lè padà wá, P2 ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n a kò tíì mọ ọ̀nà tí olè náà gbà wọlé, bóyá ìlẹ̀kùn kan náà sì ṣí sílẹ̀ lára àkáǹtì àwọn ẹlòmíràn, a kò mọ̀. Ìpalára tí a kò tíì mọ bí ó ti gbòòrò tó, a kò gbọdọ̀ kà á sí kékeré. Ìdí nìyí tí òfin ààbò fi sọ ọ́ di P1. Ẹ̀ka rẹ̀ kì í ṣe owó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ni màmá náà dárúkọ, nítorí pé àwọn ti ẹ̀ka ààbò ni ó lè ti àkáǹtì pa. Àmì ìgbésókè rẹ̀ jẹ́ `true`, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí ó ń ka ẹ̀sùn kò ní àṣẹ láti ti àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ẹ̀ka ni ó ní in.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ẹ̀sùn mẹ́ta tí ó wá láti ìlú Oǹdó, ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mẹ́tàdínlógún àti márùndínlọ́gbọ̀n. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ẹ̀rọ àwọn kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tí èkíní dé, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni, oníṣòwò náà sì ṣì lè gba owó nípa kí oníbàárà fi ránṣẹ́ láti orí fóònù, nítorí náà P3 ni ó gbà. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti àdúgbò kan náà, ọ̀rọ̀ náà ti di ohun tí ó gbòòrò. Òfin wa ṣí ẹ̀sùn tuntun kan tí ó jẹ́ ìyá fún àwọn mẹ́ta náà, ó fún un ní P1, ẹ̀ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì, `true`. Àwọn mẹ́ta náà dúró ní P3 àti `false`, a sì so wọ́n mọ́ ìyá wọn. Ìdí tí a kò fi gbé àwọn ọmọ sókè ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀gá nílò láti gbọ́. Bí ogójì ṣọ́ọ̀bù bá kọ̀wé ní ọjọ́ náà tí a sì gbé ogójì ẹ̀sùn síwájú rẹ̀, kò ní rí ti màmá Ìjàpò láàárín wọn.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lórí èyí tí ó yẹ kí n sọ. Yaba ni ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà kọ pé òun wà, Yaba ti ìlú Oǹdó ni ó sì ń sọ. Òfin tí a kọ́kọ́ kọ ń wo orúkọ ibi tí oníbàárà bá tẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ó bá sì ti rí Yaba, Èkó ni ó ń gbé e lọ. Bí ó bá ṣe pé òfin náà ni a ṣì ń lò, méjì ni kọ̀ǹpútà ìbá kà fún Oǹdó, ẹ̀sùn ìyá kò sì ní ṣí. Àdírẹ́sì tí a fi forúkọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ nígbà tí a gbé e fún oníṣòwò ni a ń wò nísinsìnyí.

Ẹ̀kẹrin wá láti Òkè-Àró. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní aago méjìlá ọ̀sán, ẹ̀rọ sọ pé iṣẹ́ náà kò yọrí, báńkì sì ti yọ ₦15,000 lára ẹni tí ó fẹ́ san. Oníṣòwò náà kọ̀wé sí wa lọ́jọ́ náà, ó kọ ní ọjọ́ Ajé, ó tún kọ ní òwúrọ̀ yìí ní aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni kan ni ó kàn, iye náà kò ní pọ̀ sí i, owó náà sì wà lọ́wọ́ báńkì, kò sí ní ọ̀dọ̀ wa. Bí àwa bá tilẹ̀ fi gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, kò ní mú kí báńkì dáhùn kíákíá. Nítorí náà P3 ni ó dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kẹta tí ó kọ̀wé rèé, aago 72 náà yóò sì pé ní ọ̀sán ọjọ́ yìí gan-an, ó ku bíi wákàtí mẹ́ta. Ohun tí ó nílò ni kí ẹnìkan tí báńkì yóò dá lóhùn gbé fóònù. Bí ó ti rí lójú kọ̀ǹpútà nìyí:

```
priority:   P3
category:   owo
escalation: true
```

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí wọ́n bá rí P3 àti `true` lára ẹ̀sùn kan ṣoṣo, wọ́n á rò pé kọ̀ǹpútà ti ṣe àṣìṣe, wọ́n á sì yí ọ̀kan padà kí àwọn méjèèjì lè bára mu. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá wà nídìí irú iṣẹ́ yìí kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá yí P3 di P1, yóò ti ẹlòmíràn sẹ́yìn lórí ìlà láìnídìí. Bí ó bá yí `true` di `false`, kò sẹ́ni tí yóò pe báńkì.

Bí a ṣe to àwọn òfin tẹ̀lé ara wọn náà ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹ̀sùn kan lè bá òfin méjì mu. Fún ipò ìkánjú àti ẹ̀ka, òfin tí ó léwu jù ni a fi ṣáájú, ìyẹn ààbò, lẹ́yìn rẹ̀ èyí tí ó kan àdúgbò, lẹ́yìn rẹ̀ owó, ẹ̀rọ, àkáǹtì, ìbéèrè ló sì kẹ́yìn. Ní kété tí ọ̀kan bá ti mú ẹ̀sùn, kọ̀ǹpútà yóò dúró. Àmì ìgbésókè kò gbọdọ̀ tẹ̀lé ètò yìí. Gbogbo òfin rẹ̀ ni a ní láti kà tán, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ti sọ pé `true`, èyí tí ó tẹ̀lé e kò gbọdọ̀ dá a padà sí `false`. A ti rí ibi tí òfin tí ó kẹ́yìn ti pa èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ rẹ́, tí ẹ̀sùn olè sì pàdánù àmì rẹ̀ kìkì nítorí pé oníbàárà náà tún béèrè iye tí ìwé rísíìtì jẹ́ ní ìsàlẹ̀.

Ní ti “ku” tí ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, títún un ṣe kọ́ wa ní nǹkan púpọ̀ nípa èdè tiwa lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn oníbàárà wa kì í sábà fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Nítorí náà “ku” lè jẹ́ kú ti ẹ̀rọ tí kò tàn mọ́, ó lè jẹ́ kú ti ìkíni, ó sì lè jẹ́ kù, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ̀wé pé “o ku egberun meji naira”. Kò sí bí kọ̀ǹpútà yóò ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ ìyàtọ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a kọ́kọ́ yọ àwọn gbólóhùn ìkíni kúrò, lẹ́yìn náà a wá “ero” pẹ̀lú “ti ku” nínú gbólóhùn kan náà, a sì rí i dájú pé kò sí “ko” tàbí “o” àìgbà láàárín wọn, nítorí pé “ero naa ko ti ku, ina re lo n se bakan” kì í ṣe ti ẹ̀rọ tí ó kú.

Àwọn díẹ̀ tí wọ́n ń fi àmì sí i tún mú ìṣòro mìíràn wá. Lẹ́tà bíi ẹ́ ní ju ọ̀nà kan lọ tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú rẹ̀: ó lè jẹ́ ẹ tí a fi àmì òkè lé lórí, ó sì lè jẹ́ é tí a fi àmì ìsàlẹ̀ sí lábẹ́. Lójú ènìyàn, ọ̀kan ni wọ́n, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ó ń fi wọ́n wéra yóò sọ pé wọn kò dọ́gba, òfin tí ó yẹ kí ó mú ẹ̀sùn náà yóò sì fò ó. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a tú gbogbo lẹ́tà sí ìrísí tí a ń pè ní NFD, níbi tí àmì kọ̀ọ̀kan ti dá dúró, kí a sì yọ àwọn àmì náà kúrò, lára ọ̀rọ̀ oníbàárà àti lára ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú òfin. Àdánù wà nínú èyí, nítorí pé owó, ọwọ́ àti òwò yóò wá di ọ̀kan náà. Ìdí nìyí tí kò fi sí òfin kan nínú tiwa tí ó dá lórí “owo” nìkan. Ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi “jade”, “yo” tàbí “pada”.

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, a máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwọn òfin náà ṣì dúró dáadáa. A ń ka iye P1 ọ̀sẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ti pọ̀ débi pé òṣìṣẹ́ kò lè dá wọn lóhùn láàárín ìṣẹ́jú 15, òfin kan ti gbòòrò jù níbì kan. A ń ka iye ìgbà tí òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ yí ohun tí kọ̀ǹpútà kọ padà, a sì ń wo àyè tí ó yí jù. A ń wo àwọn ẹ̀sùn tí ó ní `true` tí kò sí orúkọ ọ̀gá kankan lára wọn pé òun ti rí i, nítorí pé àmì tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn sí ti di ọ̀ṣọ́ lásán. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìdánwò ogún: a ó fa ogún ẹ̀sùn yọ láìṣà, òṣìṣẹ́ méjì yóò tò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìwo ìwé ara wọn, a ó sì fi wọ́n wéra. Ibi tí ènìyàn méjì tí wọ́n mọ iṣẹ́ bá ti yàtọ̀, kò sí òfin tí a lè kọ fún kọ̀ǹpútà níbẹ̀ àfi tí àwọn méjèèjì bá kọ́kọ́ fẹnu kò.

Nígbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é, a yàtọ̀ lórí mẹ́fà nínú ogún, márùn-ún nínú mẹ́fà náà sì jẹ́ ẹ̀sùn tí ó gbé ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Oníṣòwò kan ti béèrè ìwé rísíìtì, ó sì fi kún un pé ọmọ tí òun gbà sí ṣọ́ọ̀bù ti lọ láìdágbére, ó sì mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ẹ̀rọ náà. Ẹnì kejì mi kọ P4 àti ẹ̀rọ, èmi kọ P1 àti ààbò, àwa méjèèjì sì jàre nínú ìdajì tí a kà. Àyè kọ̀ọ̀kan kò lè gba ju ìdáhùn kan lọ, nítorí náà a fẹnu kò pé irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ pín sí méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí a sì fi àwọn méjèèjì hàn lórí orúkọ oníbàárà kan náà. Iṣẹ́ pípín yẹn, ènìyàn ni ó ṣì ń ṣe é ní ọ́fíìsì wa.